Bí A Ṣe Ń Tètè Mọ̀ Pé Iye Ènìyàn Tí Péèjì Wa Ń Dé Ọ̀dọ̀ Wọn Ti Já Wálẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀

Ní Kábbà ni mo ti ń bójú tó péèjì Fesibúùkù kan tí a fi ń kéde iye tí wọ́n ń ra kájú, iṣu àti gàárì ní Kábbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́. Àwọn àgbẹ̀ a máa wò ó kí wọ́n tó dá oníbàárà lóhùn, àwọn ọmọ ilẹ̀ Òkun tí wọ́n wà ní Àbújá àti Èkó náà a sì máa wò ó kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́ sílé. Bí iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ wa ń dé ọ̀dọ̀ wọn bá já wálẹ̀ lójijì tí a kò sì tètè mọ̀, àgbẹ̀ kan lè ta kájú rẹ̀ ní iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi ṣe ìlànà kan tí ẹ̀rọ fi ń bá mi ṣọ́ iye náà láràárọ̀, tí mo sì ní ọ̀nà kan tí mo ń gbà wádìí nígbà tí ó bá pariwo. Ìlànà náà àti ọ̀nà náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, pẹ̀lú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí a yanjú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iye náà sílẹ̀ lójoojúmọ́

Ẹ ṣí ìwé kan nínú Google Sheets, kí ẹ sì yí orúkọ ojú ewé rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, sí `Ojoojumo`. Òpó A ni ọjọ́, òpó B ni iye ènìyàn tí a dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, òpó C ni iye pósítì tí a gbé síta. Ẹ fi òpó D, E àti F sílẹ̀ fún ìṣirò, kí ẹ sì fi òpó G pamọ́ fún àkọsílẹ̀ kúkúrú nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ọdún Àjíǹde, òjò ńlá tàbí ìpolówó tí a sanwó fún. Kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kódà bí a kò bá rí iye kankan kọ sí i, nítorí ìṣirò tó ń bọ̀ gbára lé e pé ìlà méje ni ó wà láàárín ọjọ́ Ajé kan àti èkejì.

Inú Meta Business Suite ni a ti ń rí iye náà, lábẹ́ `Insights`. Ẹ má ṣe kọ iye ti òní tàbí ti àná. Iye ọjọ́ tí kò tíì parí kò tíì pé, ti ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí náà sì lè yí díẹ̀ kí ó tó dúró. Iye ti ìjẹta ni àbúrò mi máa ń kọ ní alaalẹ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, iye ti ọjọ́ náà gan-an ni a ń kọ, ni ó fi dà bíi pé a ń ṣubú lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ọjọ́ wé ọjọ́ tó jọ ọ́

Ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ẹgbẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Àìkú, wọn kì í sì í wo fóònù títí ọ̀sán fi lọ. Bí a bá fi Àìkú wé Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa pariwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìnídìí. Nítorí náà, a fi Ìṣẹ́gun yìí wé Ìṣẹ́gun mẹ́rin tó ti kọjá.

Ìpíndọ́gba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò láti fi ṣe ìwọ̀n, ṣùgbọ́n iye àárín ni mo ń lò, èyí tí a ń rí nígbà tí a bá to àwọn iye náà láti kékeré sí ńlá tí a sì mú èyí tó wà láàárín, tàbí ìpíndọ́gba méjì tó wà láàárín bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin bíi tiwa. Ẹ wo Ìṣẹ́gun mẹ́rin wa kan: 2,140, 1,980, 6,300 àti 2,060. Ọjọ́ tí a gbé fídíò ọkọ̀ kájú kan tó dojú dé lójú ọ̀nà Ọ̀bàjánà síta ni a rí 6,300 yẹn. Ìpíndọ́gba àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 3,120, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Ìṣẹ́gun kankan tí a dé nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀ láìsí fídíò yẹn. Iye àárín wọn jẹ́ 2,100, èyí tó bá ohun tí ojú wa ń rí mu. Bí Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e bá mú 1,850 wá, ìyẹn jẹ́ 59 nínú ọgọ́rùn-ún ìpíndọ́gba, ẹ̀rọ yóò sì ka ọjọ́ tí kò sí ohunkóhun tó ṣe mọ́ ọjọ́ ìṣubú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iye àárín wọ̀n ọ́n, 88 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ara sì le.

Ìlà 2 ni ọjọ́ àkọ́kọ́ wà, nítorí náà ìlà 30 ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ní ẹgbẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ èyí àkọ́kọ́ sínú D30, èkejì sínú E30, kí ẹ sì kọ ẹ̀kẹta sínú F31, nítorí pé ó nílò ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ fà wọ́n sísàlẹ̀.

```
=MEDIAN(B2,B9,B16,B23)
=IF(B30="","",B30/D30)
=IF(AND(E30<0.6,E31<0.6),"YEWO","")
```

Ohun tí èyí ń sọ ni pé kí ẹ̀rọ kọ `YEWO` nígbà tí iye ọjọ́ méjì léra wọn bá kéré sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a máa ń rí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì sí i, nítorí pé ẹ̀rọ lè rí lẹ́tà kan náà tí a fi àmì sí lọ́nà méjì bí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo yàn nítorí pé ọjọ́ kan péré lè burú fún ìdí tí kò ní í padà wá mọ́.

Ìdá 0.6 náà kò ti ọ̀run wá. Ẹ kọ iye oṣù méjì tó ti kọjá sínú ìwé yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí `YEWO` ì bá ti jáde, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá lóòótọ́ ni nǹkan ṣe láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ó bá ń pariwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dín in kù sí 0.5. Bí péèjì yín kò bá ń dé ju ọgọ́rùn-ún méjì tàbí mẹ́ta ènìyàn lọ lóòjọ́, iye ojoojúmọ́ yóò máa fò sókè fò sílẹ̀ jù, ó sì sàn kí ẹ fi àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ wé àpapọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa pè yín

Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí kò lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ `Extensions`, lẹ́yìn náà `Apps Script`, kí ẹ sì lẹ èyí mọ́ ibẹ̀.

```
function yeWo() {
  const s = SpreadsheetApp.getActive().getSheetByName("Ojoojumo");
  const b = s.getRange("B2:B").getValues().flat();
  let i = b.length - 1;
  while (i >= 0 && b[i] === "") i--;
  const ojo = s.getRange(i + 2, 1).getValue();
  const ami = s.getRange(i + 2, 6).getValue();
  const pe = (Date.now() - ojo.getTime()) / 86400000;
  if (ami === "YEWO" || pe > 4) {
    MailApp.sendEmail(Session.getEffectiveUser().getEmail(),
      "Ye peeji wo", "Ami: " + ami + " Ojo: " + Math.floor(pe));
  }
}
```

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ `Triggers`, `Add Trigger`, `Time-driven` àti `Day timer`, kí ẹ yan aago mẹ́fà sí méje òwúrọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé àkókò Nàìjíríà ni ẹ̀rọ ń lò. Ímeèlì yóò wọlé ní òwúrọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá wà. Bí kò bá sí, ẹ kò ní í gbọ́ nǹkan kan.

Àìgbọ́ nǹkan kan yìí gan-an ni mo fi kọ `pe > 4`. Bí ẹni tó ń kọ iye sílẹ̀ bá ṣàìsàn tàbí tí dátà rẹ̀ tán, kò sí iye tuntun, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ yóò fi pariwo. Ẹ̀yin náà yóò máa rò pé ara péèjì le. Ìlà yẹn ń sọ pé bí iye tó kẹ́yìn bá ti ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, kí ẹ̀rọ pè yín bákan náà.

Ewu mìíràn tún wà tí kò hàn títí ó fi ṣe wá. Ká ní iye Ìṣẹ́gun já láti 2,000 sí 900, tí ó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ìṣẹ́gun méjì nínú mẹ́rin tí a fi ń wọ̀n ọ́n ti jẹ́ 900, iye àárín sì ti di 1,450. Ìdá 900 nínú rẹ̀ jẹ́ 0.62, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́ bí ẹni pé a ti gbádùn, nígbà tó jẹ́ pé ó ti gba ìṣubú náà gẹ́gẹ́ bí ìwà wa ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí `YEWO` bá kọ́kọ́ jáde, ẹ kọ iye àárín ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọjọ́ méje tó ṣáájú ìṣubú náà, bí ó ṣe wà ní òpó D, sí ibì kan tí kò ní í yí, kí ẹ sì máa fi iye tuntun wé e títí ẹ ó fi rí ìdí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wádìí, ẹ má ṣe ro ó pa

Ní ìparí oṣù karùn-ún kan, ímeèlì wọlé fún wa. Ìṣẹ́gun mú 1,010 wá dípò 2,100, Ọjọ́rú mú 930 wá dípò 1,900. Kí n tó fọjú wo ìwé náà tán, àbúrò mi ti dájọ́: «Ẹ̀gbọ́n, Fesibúùkù ti fìyà jẹ wá. Ọ̀rọ̀ oyè tí a gbé síta lọ́sẹ̀ tó kọjá ni.» Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ ká kọ gbogbo ohun tó lè fa á sílẹ̀ ná, kí a sì kọ ohun tí a gbọ́dọ̀ rí bí ìkọ̀ọ̀kan bá jẹ́ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí tí kò lè sọ ohun tí a ó rí, àti ohun tí a kò ní í rí, kò tíì wúlò fún wa.

Ìdí àkọ́kọ́ tí a wò ni pé bóyá a kò ṣubú rárá, bóyá òṣùwọ̀n ló yí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, Meta bẹ̀rẹ̀ sí í fi `Views` ṣe òṣùwọ̀n pàtàkì lórí Fesibúùkù. `Views` sì ń ka iye ìgbà tí wọ́n wo nǹkan, nígbà tí òṣùwọ̀n tiwa ń ka iye ènìyàn. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan lónìí, tí ó kọ èkejì lọ́la, yóò rí ìṣubú tàbí ìgòkè tí kò ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wa bá jẹ́ ti òṣùwọ̀n, láìkì, ìdáhùn àti ìpè fóònù àwọn tó ń béèrè iye kájú kò yẹ kí wọ́n dín kù. A kà wọ́n. Láìkì ti dín sí ìdajì, ìpè fóònù náà sì dín. Ìṣubú náà jẹ́ òótọ́.

Èkejì ni àwa fúnra wa. Òpó C sọ pé pósítì mẹ́ta ni à ń gbé síta lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, mẹ́ta náà ni a gbé síta ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ní wákàtí kan náà. Òpó G kò ní ìpolówó kankan, ìyẹn ni pé kì í ṣe pé owó ìpolówó tán ni iye padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ péèjì ni ó jẹ́ pé ibí yìí ni ìwádìí ti parí, nítorí náà ẹ má ṣe fò ó.

Ẹ̀kẹta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Fesibúùkù kú káàkiri ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà, àti ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun bíi mélòó kan bàjẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kan. Irú rẹ̀ a máa mú gbogbo péèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń bójú tó péèjì ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mọ́pà, iye tirẹ̀ kò yí. Mo sì wo àwọn ìlú tí àwọn tó ń wò wá ti wá: ti Àbújá dín kù ju ti Kábbà lọ. Bí ó bá jẹ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa nílé ló bàjẹ́, òdìkejì ni ì bá ṣẹlẹ̀.

Ó wá ku ìjìyà tí àbúrò mi sọ, àti àwọn méjì tí a kò tíì dárúkọ. Bí Fesibúùkù bá ti dá péèjì lẹ́kun, a máa ń rí i ní ipò péèjì, lábẹ́ `Page status`, àwọn tí kì í ṣe olùtẹ̀lé wa ni wọn yóò sì pàdánù wa jù, nítorí pé Fesibúùkù kò ní í dábàá wa fún wọn mọ́. Ipò péèjì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pín iye Ìṣẹ́gun sí méjì, ohun tí a rí dà bíi pé àbúrò mi jàre:

| | Tẹ́lẹ̀ | Ìṣẹ́gun náà |
|---|---|---|
| Àwọn olùtẹ̀lé wa | 1,300 | 820 |
| Àwọn tí kì í ṣe olùtẹ̀lé | 800 | 190 |

Àwọn àlejò ni wọ́n lọ jù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró, tí wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Fesibúùkù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó bá ìdí kan mu lè bá òmíràn mu pẹ̀lú. Báwo ni àlejò ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Nípa ìdábàá Fesibúùkù ni, tàbí nípa pé ẹnìkan pín ọ̀rọ̀ wa. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n pín pósítì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, pósítì iye ọjà àárọ̀ a máa rí ìpín bíi mẹ́rìnlá. Ní Ìṣẹ́gun náà, mẹ́ta ni.

A wo àwọn tó máa ń pín in. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Àbújá tó ń bójú tó gúrúùpù ńlá kan ti àwọn ọmọ Òkun, tó máa ń gbé iye ọjà wa síbẹ̀ láràárọ̀, tí àwọn ará gúrúùpù náà a sì tún máa pín in lọ síwájú. Mo pè wọ́n.

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni? A kò rí yín láti Ajé.»

«Hà, ẹ má bínú o, àbúrò. Fóònù mi ló bọ́ sómi. Ti ìyàwó mi ni mò ń lò.»

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán ìdí tí ẹ rí wò

Ó dùn mọ́ni láti dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tó ṣe déédéé kò tíì jẹ́ ẹ̀rí tó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí fóònù tuntun, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pín in ní ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ọjọ́ kejì sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n yọ̀ǹda. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pín in, àwọn àlejò a súnmọ́ 700. Ní ọjọ́ tí wọn kò bá pín in, wọn kì í kọjá 220. Bí ó bá jẹ́ pé Fesibúùkù ló dá wa lẹ́kun ìdábàá, ìpín ẹ̀gbọ́n kò ní í lè gbé iye náà sókè sílẹ̀ lọ́nà yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo yàn kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí wọ́n pín in, Ìṣẹ́gun kejì tí wọn kò pín in.

Síbẹ̀ iye náà kò pé. Ní ọjọ́ tí wọ́n pín in, àwọn olùtẹ̀lé wa dé 960, kì í ṣe 1,300. Nǹkan bíi 340 ṣì sọnù, ọ̀rọ̀ fóònù kò sì ṣàlàyé wọn. Àìpé yìí ni ó mú mi rántí pé ìdí lè ju ẹyọ kan lọ. A pín pósítì sí ti kájú àti ti iṣu. Ti iṣu kò yí rárá. Ti kájú nìkan ló dín sí ìdajì. Ìparí oṣù karùn-ún sì ni, kájú ti ń tán lórí igi, àwọn oníṣòwò tó ń wá rà á sì ti ń padà lọ. Olùtẹ̀lé tí kò ní kájú mọ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi iye kájú ṣe, kò tẹ̀ ẹ́, Fesibúùkù náà kò sì gbé e síwájú rẹ̀ mọ́. Ìdí yìí ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó hàn nínú òpó E bí a bá wo ẹ̀yìn: 0.93, 0.86, 0.79. Òun nìkan kò tó láti jí ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí ti fóònù kún un ni a tó gbọ́.

Ọ̀tọ̀ sì ni àtúnṣe ìkọ̀ọ̀kan. Fún ti ẹ̀gbọ́n, a wá ènìyàn méjì mìíràn ní gúrúùpù náà tí yóò máa pín in bí wọn kò bá sí nítòsí. Fún ti kájú, a kò tún nǹkan kan ṣe. A dín pósítì kájú kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a sì fi ti iṣu sípò rẹ̀. Ní òpó G, ní ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí ìṣubú náà bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi kọ ọ́ báyìí: «Fóònù ẹ̀gbọ́n bọ́ sómi, kájú sì ń tán, fi ọdún tó ń bọ̀ wé èyí, má ṣe fi wé oṣù kẹrin.»